Ẹ yé é pe dísìkì tó wà láàyè ní òkú

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń dùn mí tipẹ́. Mo fẹ́ sọ ọ́ lónìí láìfi igbá kan bọ̀kan nínú, bí ìbínú bá sì wà nínú rẹ̀, ẹ forí jì mí. Ó kan àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe láàrin wa. Ó sì kan owó tí àwọn ọmọ wa ń san láti fi pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé Windows wọ inú kọ̀ǹpútà, tí ojú ẹ̀rọ sì sọ pé òun kò rí dísìkì kankan, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí pé dísìkì náà ti kú. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n ṣe láti ìparí ọdún 2020 títí di ìsinsìnyí, ohun tó sábà máa ń fà á ni pé fáìlì kékeré kan kò sí lórí kílé USB tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá gba owó dísìkì tuntun lọ́wọ́ èèyàn kó tó wádìí èyí, ó ti rẹ́ onítọ̀hún jẹ, ìbáà jẹ́ pé kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe kó sínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń kọ memúàà rẹ̀ ní yunifásítì. Bátìrì kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti gbó, tó fi jẹ́ pé bí iná bá ti lọ, ẹ̀rọ náà á kú lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kan iná lọ nígbà tí Windows ń tún ara rẹ̀ ṣe lọ́wọ́, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti tan dáadáa mọ́. Ó gbé e lọ bá oníṣẹ́ kan. Oníṣẹ́ náà ki kílé USB bọ̀ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Windows tuntun wọlé, ó dé ibi tí wọ́n ti ń yan dísìkì, ibẹ̀ sì ṣófo. Ó ní: "Àǹtí, dísìkì yín ti kú. Ẹ lọ wá 35,000 sẹ́fà wá."

Ọmọ náà sunkún, nítorí memúàà rẹ̀ wà nínú dísìkì yẹn, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Ó wá owó náà, ó san án. Oníṣẹ́ yọ dísìkì àtijọ́, ó fi tuntun sí i, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ tún ṣófo! Kò rí tuntun náà pẹ̀lú. Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní àṣé káàtì mẹ́ẹ̀ ló bàjẹ́, ìyẹn pátákó ńlá tí gbogbo nǹkan inú kọ̀ǹpútà so mọ́, àti pé á sàn kó kúkú ra kọ̀ǹpútà mìíràn.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó pè mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ro ó. Bí àlejò kan bá dé ẹnubodè tí wọn kò jẹ́ kó wọlé, a lè sọ pé ìwé rẹ̀ ni kò pé. Bí àlejò kejì tí ìwé rẹ̀ pé pérépéré bá tún dé, tí wọn kò jẹ́ kí òun náà wọlé, ṣé àlejò la ó tún máa bá wí ni? Ẹnubodè ló yẹ ká lọ wò.

Ọ̀rọ̀ ẹnubodè tí mo mú wá yìí kì í ṣe àwàdà, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí nínú ẹ̀rọ náà. Lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́, Windows máa ń bá dísìkì sọ̀rọ̀ ní tààràtà. Dísìkì tuntun tí wọ́n ń pè ní NVMe, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ṣingọ́ọ̀mù, ní èdè tirẹ̀, Windows 10 àti 11 sì gbọ́ èdè náà láti ilé wọn wá. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, Intel gbé ọpọlọ kọ̀ǹpútà alágbèéká ìran kọkànlá rẹ̀ jáde, ó sì fi oníbodè kan sínú rẹ̀ tó ń jẹ́ VMD. Orí ẹ̀rọ ńláńlá tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ lo oníbodè yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó ọ̀pọ̀ dísìkì jọ, kó sì lè so wọ́n pọ̀ bí ẹyọ kan, èyí tí wọ́n ń pè ní RAID.

Bí VMD bá wà ní títàn, dísìkì yín yóò bọ́ sí ẹ̀yìn oníbodè yìí. Windows kò ní rí dísìkì mọ́, oníbodè nìkan ni yóò rí. Láti bá oníbodè sọ̀rọ̀, ó nílò ògbufọ̀. Fáìlì tó ń ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ yìí ni a ń pè ní pílọ́ọ̀tì, tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè ní dírẹ́fà. Orúkọ tirẹ̀ ni iaStorVD. Kò sí nínú Windows tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbé sórí kílé. Nítorí náà ètò ìgbéwọlé dúró níwájú oníbodè bí odi, kò gbọ́ ohunkóhun, ó sì wí fún yín pé kò sí dísìkì.

Ẹnì kan á ní: "Windows tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Báwo ni tiẹ̀ ṣe rí dísìkì?" Ìbéèrè tó dára ni. Àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà náà ti fi pílọ́ọ̀tì yìí sí i kí wọ́n tó gbé e jáde fún títà. Ògbufọ̀ wà nílé nígbà náà. Ẹ̀yin lẹ gbé Windows mìíràn tí kò ní ògbufọ̀ wá.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ bí èèyàn ṣe lè dá a mọ̀, torí àìwádìí ni ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ń bá àwọn oníṣẹ́ wí. Ohun mẹ́ta péré ni yíyẹ̀wò, kò sì gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Àkọ́kọ́, ẹ wo irú ọpọlọ tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà. Ti ọmọ wa yìí jẹ́ i5-1135G7. Nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn àmì yẹn, 11, ni ìran rẹ̀. Bí ẹ bá rí 11, 12 tàbí 13 níbẹ̀, kí ọkàn yín lọ sọ́dọ̀ oníbodè ná, kó má tíì lọ sọ́dọ̀ dísìkì. Bí ó bá jẹ́ AMD ni wọ́n kọ sí i, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. AMD kò ní VMD, ó ní RAID àti pílọ́ọ̀tì tirẹ̀, èyí tí mo ń sọ níhìn-ín kò sì wúlò fún un.

Ìkejì, ẹ wọ inú BIOS. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, F2 lẹ ó máa tẹ̀ léraléra bí ẹ bá ti tan án. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ orúkọ dísìkì sí. Bí BIOS bá pe dísìkì náà lórúkọ, tó sọ bí ó ṣe tóbi tó, iná ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì ń dáhùn. Òkú kì í jẹ́ orúkọ. Kí ẹ tún wá ọ̀rọ̀ náà VMD níbẹ̀, kí ẹ wò bóyá Enabled ni wọ́n kọ sí i. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Acer, ó fara pa mọ́: ẹ ní láti wà lójú ewé Main, kí ẹ tẹ Ctrl àti S papọ̀, kó tó yọjú.

Ìkẹta, nígbà tí ẹ bá wà nínú ètò ìgbéwọlé Windows, ẹ tẹ Shift àti F10 papọ̀. Fèrèsé dúdú kan yóò ṣí. Ẹ kọ `diskpart`, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé, lẹ́yìn náà ẹ kọ `list disk`. Bí ó bá jẹ́ kílé yín nìkan ló yọ, tí BIOS sì ti pe orúkọ dísìkì, ẹjọ́ ti parí. Ògbufọ̀ ló ṣaláìsí.

Mo gbé gbogbo èyí yẹ̀wò lórí ẹ̀rọ ọmọ náà níwájú oníṣẹ́ rẹ̀. Mo kọ́kọ́ ní kó dá dísìkì àtijọ́ padà sípò. Mo bi í pé: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ wo BIOS kí ẹ tó sọ pé ó ti kú?" Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, èmi ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún méjìlá." N kò bi í léèrè ọdún. A wọ BIOS, a sì rí dísìkì tí wọ́n pè ní òkú, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti 512 gígábáìtì rẹ̀. VMD wà ní títàn.

Bí a ṣe ṣe é nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà mìíràn tó ń ṣiṣẹ́, a lọ sí ojú ewé Intel, a gba fáìlì tó ń jẹ́ SetupRST.exe. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o: ó ju ẹyọ kan lọ, Intel sì kọ ìran tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún sí i lára. Èyí tó jẹ́ tuntun jù lè má mọ ìran kọkànlá. Ìran tí ẹ̀rọ yín jẹ́ ni kí ẹ fi yan án. Ojú ewé àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà yín náà sábà máa ń ní i, níbi tí wọ́n kó pílọ́ọ̀tì fún ẹ̀rọ yẹn gan-an sí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀ nìyí. Wọ́n á gbé SetupRST.exe bẹ́ẹ̀ sórí kílé, wọ́n á nà án sí ètò ìgbéwọlé, yóò sì sọ fún wọn pé kò sí pílọ́ọ̀tì kankan níbẹ̀. Wọ́n á wá ní Intel ń purọ́. Intel kò purọ́. Ẹ̀wà ṣì wà nínú èèpo ni. Ètò ìgbéwọlé kò lè tú fáìlì exe. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí.inf ló ń wá, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ ní láti kọ́kọ́ tú u lórí kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ yẹn. Ẹ ṣí PowerShell nínú dosíè tí fáìlì náà wà, kí ẹ kọ èyí:

```
.\SetupRST.exe -extractdrivers SetupRST_extracted
```

Dosíè tuntun kan yóò yọ. Ẹ máa ṣí èyí tó wà nínú rẹ̀ lọ títí ẹ ó fi rí dosíè tó ń jẹ́ VMD. Inú rẹ̀ ni iaStorVD.inf, iaStorVD.sys àti iaStorVD.cat wà. Ẹ gbé odindi dosíè VMD náà sórí kílé Windows yín. Ẹ má ṣe mú ẹyọ fáìlì kan nínú wọn, torí wọn kì í dá rìn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ padà sórí ẹ̀rọ aláìsàn. Nígbà tí ẹ bá dé ibi tó ṣófo yẹn, bọ́tìnnì kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n kọ Charger un pilote sí, tàbí Load driver bí ó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ yàn. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ Parcourir, ẹ tọ́ka sí dosíè VMD. Lórí ẹ̀rọ tiwa, orúkọ tó yọ ni Intel RST VMD Controller 9A0B. Ti ìran kọkànlá nìyẹn. Ìran kejìlá sábà máa ń jẹ́ 467F, ìkẹtàlá A77F. Àpótí kékeré kan wà níbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Masquer les pilotes. Ẹ jẹ́ kí àmì wà nínú rẹ̀. Bí àmì bá wà níbẹ̀ tí orúkọ kankan kò sì yọ, pílọ́ọ̀tì ìran mìíràn lẹ gbé wá. Kì í ṣe pé dísìkì kú.

A yàn án, a tẹ Suivant. Láàrin ìṣẹ́jú kan, dísìkì "òkú" yọ jáde pẹ̀lú gbogbo yàrá inú rẹ̀. N kò lè gbàgbé ojú ọmọ yẹn.

Ṣùgbọ́n mo ní kí ẹnikẹ́ni má tíì tẹ nǹkan kan. Èyí ni ìdí tí mo fi ń bínú. Bí dísìkì bá ti yọ, ọwọ́ máa ń yá oníṣẹ́ láti pa gbogbo yàrá inú rẹ̀ rẹ́ kó lè tètè parí iṣẹ́. Memúàà ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́? A tún tẹ Shift àti F10, a kọ `notepad`, a tẹ̀ ẹ́ wọlé. Nínú notepad yẹn, a tẹ Fichier, a tẹ Ouvrir, a ní kó fi gbogbo irú fáìlì hàn wá. Láti inú fèrèsé kékeré yẹn, èèyàn lè wọ dísìkì lọ, kó rí dosíè rẹ̀, kó kọ́pì í, kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí dísìkì ìta. Báyìí ni a ṣe kó memúàà náà jáde. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó gbé Windows tuntun wọlé.

Mo gbọ́dọ̀ sọ pé orí ló bá wa ṣe é, torí dísìkì rẹ̀ kò ní àgádágodo BitLocker. Bí ó bá ní in, fáìlì kò ní ṣí láìsí kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà, ìyẹn nọ́ńbà gígùn oní 48 tó máa ń wà nínú àkáǹtì tí onítọ̀hún fi wọ Windows. Ẹ béèrè fún un lọ́wọ́ oníkọ̀ǹpútà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ní báyìí, mo mọ ohun tí àwọn kan ti ń sọ lọ́kàn: "Kí ni gbogbo wàhálà yìí fún? Èmi á wọ BIOS, màá pa VMD, dísìkì á yọ. Ó tán." Mo gbọ́ ọ, òótọ́ ni pé yóò yọ. Bí ẹ bá pa oníbodè, dísìkì yóò bọ́ sí gbangba, Windows á sì bá a sọ̀rọ̀ ní èdè NVMe tó ti gbọ́ tẹ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ dísìkì ẹyọ kan, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nílò, tí ẹ sì fẹ́ gbé Windows tuntun wọlé, kò sí èṣù níbẹ̀. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tí mo ń bá jà ni pé kí ó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ ń lọ bá láìbéèrè. Ẹ wo ibi méjì tó ti ń ba nǹkan jẹ́.

Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ tí Windows rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ẹnì kan kàn fẹ́ dán nǹkan wò, ó pa VMD, ó jáde. Windows tó ti mọ ọ̀nà ẹnubodè dé, kò rí ẹnubodè mọ́, ó sì lè ṣubú sórí ojú búlúù tó kọ INACCESSIBLE BOOT DEVICE. Bí BitLocker bá wà níbẹ̀, ó lè béèrè kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà tí oníkọ̀ǹpútà kò mọ ibi tó wà. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí ẹ bá dá VMD padà sí bó ṣe wà, Windows náà á tún rí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ tí kò kọ ohun tó yí padà sílẹ̀, kò ní rántí dá a padà. Á ní Windows ló bàjẹ́, á sì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Ìkejì ló burú jù: RAID. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n fi dísìkì méjì sí, tí oníbodè sì so wọ́n pọ̀ bí ẹyọ kan. Nínú irú tí wọ́n ń pè ní RAID 0, fáìlì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gé sí wẹ́wẹ́, tí apá kan wà nínú dísìkì yìí, apá kejì nínú èkejì. Ó dà bí ìwé kan tí ojú ewé rẹ̀ tó jẹ́ 1, 3, 5 wà nílé ìyáálé, tí 2, 4, 6 sì wà nílé ìyàwó. Bí ẹ bá pa VMD, ètò ìgbéwọlé yóò fi dísìkì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ hàn yín, tí yóò dà bí ẹni pé òfìfo ni wọ́n. Oníṣẹ́ á rò pé oore ló rí, á gbé Windows sórí ọ̀kan. Ìdajì ìwé ti jóná nìyẹn, ìdajì tó kù kò sì ṣeé kà. Bẹ́ẹ̀, ká ní ó gbé pílọ́ọ̀tì wọlé ni, ì bá rí dísìkì ẹyọ kan náà pẹ̀lú gbogbo ẹrù inú rẹ̀, láìfọwọ́ kan nǹkan kan.

Ìdí nìyí tí mo fi ní pílọ́ọ̀tì ló yẹ kó ṣáájú. Pílọ́ọ̀tì kì í yí nǹkan kan padà lórí dísìkì. Ó kàn ń jẹ́ kí a rí i ni. Ẹni tó bá tan iná kó tó gbálẹ̀ kò ní fi ìgbálẹ̀ gbá owó dànù.

Kò yẹ kí n dá àwọn oníṣẹ́ wa nìkan lẹ́bi o. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí náà jẹ̀bi. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ní dísìkì ẹyọ kan, tí kò lè so nǹkan kan pọ̀ mọ́ nǹkan kan, kí ló ń fi oníbodè RAID ṣe? Wọ́n tan án láti ilé iṣẹ́, wọ́n sì tà á fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ orúkọ VMD rí. Èyí kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀yin àgbà tó lo Windows XP, èyí tó jáde ní 2001, ẹ rántí F6. Nígbà tí dísìkì SATA dé, ètò ìgbéwọlé XP kò mọ alákòóso wọn. Èèyàn ní láti sáré tẹ F6 ní ìbẹ̀rẹ̀, kó sì wá dísìkẹ́ẹ̀tì tó ní pílọ́ọ̀tì, nígbà tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun kò tilẹ̀ ní ojú dísìkẹ́ẹ̀tì mọ́. Ó lé ní ogún ọdún tí àìsàn yìí ti ń pààrọ̀ aṣọ, wọn kò sì wá oògùn rẹ̀. Fáìlì kékeré ni wọ́n fi ń dá wa lóró, lórí ètò ìgbéwọlé tó ju gígábáìtì mẹ́rin lọ.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ kò sí ní ọjà Kétu. Àwọn kọ́ ló gba 35,000 sẹ́fà lọ́wọ́ ọmọ wa. Ẹ̀yin oníṣẹ́ tí ẹ wà láàrin wa ni a lè bá sọ̀rọ̀, kí ẹ sì gbọ́.

Oníṣẹ́ kan sọ fún mi pé àwọn kò ní àkókò láti máa wá pílọ́ọ̀tì lójoojúmọ́, pé ìsopọ̀ ayélujára wọ́n. Mo gbà pé ó wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan péré sì lẹ ó ṣe é. Ẹ ṣẹ̀dá dosíè kan sí ìbẹ̀rẹ̀ kílé Windows yín, láìfi sínú dosíè mìíràn, kí ẹ pe orúkọ rẹ̀ báyìí gẹ́lẹ́:

```
$WinPEDriver$
```

Ẹ kó dosíè VMD tí ẹ tú sínú rẹ̀. Ètò ìgbéwọlé Windows máa ń wo dosíè tó bá jẹ́ orúkọ yẹn fúnra rẹ̀, á gbé pílọ́ọ̀tì inú rẹ̀ wọlé, á sì fi sínú Windows tuntun pẹ̀lú, kí ẹni tó bá dé ibi yíyan dísìkì lè bá dísìkì níbẹ̀. Ẹ dán an wò lórí ẹ̀rọ kan kí ẹ tó gbára lé e. Bí kò bá gbà á, dosíè náà ṣì wà lórí kílé, Charger un pilote sì wà níbẹ̀. Kílé kan náà yìí ni ẹ ó máa lò fún oníbàárà lẹ́yìn oníbàárà. Níbo ni àwáwí wá kù?

Ẹ má sì gbọ́ mi ní àgbọ́yé. N kò sọ pé dísìkì kì í kú. Ó ń kú. Bí BIOS kò bá pe orúkọ rẹ̀ rárá, ẹ yọ ọ́, ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ tún un tì bọlẹ̀ dáadáa, ẹ tún wò ó. Bí kò bá dáhùn síbẹ̀, ẹ gbé e sínú ẹ̀rọ mìíràn. Bí kò bá dáhùn níbẹ̀ náà, ẹ lè sọ pé ó kú, èmi náà á sì bá yín kẹ́dùn. Ohun tí mo ń sọ ni pé a kì í sin èèyàn láìgbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀ wò.

Ẹ̀yin tó ń gbé kọ̀ǹpútà lọ fún oníṣẹ́, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ máa bi wọ́n kí ẹ tó yọ owó lápò. Ṣé BIOS rí dísìkì náà? Ṣé ẹ ti gbé pílọ́ọ̀tì VMD wọlé? Bí ẹ bá yí nǹkan padà nínú BIOS, ṣé ẹ kọ ọ́ sílẹ̀? Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ yóò dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín. Èyí tó bá bínú, ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ máa lọ.

Oníṣẹ́ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ dá owó dísìkì padà fún ọmọ wa lọ́jọ́ kejì, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n kọ orúkọ dosíè yẹn sínú ìwé fún òun, mo sì kọ ọ́. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí: irú ẹ̀rọ tí ó jẹ́, nọ́ńbà ọpọlọ rẹ̀, àti iye tí wọ́n ní kí ẹ san fún "òkú" yín. Àwọn dísìkì tí ẹ sì ti kó sínú àpótí pé wọ́n ti kú, ẹ tún wọn yẹ̀ wò kí ẹ tó jù wọ́n nù.